“I am coming” Tí Ẹ Fi Ń Jáde Lọ: Àṣìṣe Tí “Mò Ń Bọ̀” Ń Fà

Àbúrò mi obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ débẹ̀, bàbá arúgbó kan ní kó bá òun bu omi wá. Ó dá bàbá lóhùn tọ̀yàyàtọ̀yàyà pé “I am coming”, ó yí ẹ̀yìn padà, ó sì gba ilé ìdáná lọ. Bàbá tẹ agogo. Kí àbúrò mi tó gbé omi dé, òṣìṣẹ́ mìíràn ti dúró ti bàbá, bàbá sì ń ráhùn pé, “Ó ní òun ń bọ̀, ló bá jáde lọ!” Kò dìjà, ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà ó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ ná, kí ni mo sọ tí kò dáa?”

Yorùbá ló sọ, ó kàn fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ni. Nínú “mò ń bọ̀” tiwa, ìpadàbọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun náà ló wà nínú “àlọ àti àbọ̀”, òun ló wà nínú “ẹ kú àbọ̀” tí a fi ń kí ẹni tó ti ìrìn àjò dé. Nítorí náà, bí mo bá ń dìde lọ, tí mo sọ pé mò ń bọ̀, ẹ ti mọ̀ pé mo fẹ́ lọ kí n sì padà. Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ní kò gbé ìpadàbọ̀ dání. Ohun tó ń sọ kò ju pé ẹsẹ̀ mi ń súnmọ́ ọ. Ẹni tó sọ ọ́ tó sì ń jìnnà lọ, ojú Òyìnbó rí i bí ẹni tó ń sọ ohun kan tó ń ṣe òmíràn.

Ẹ wo ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó sọ ọ́. Bí ẹnìkan bá ń pè yín láti yàrá kejì, tí ẹ sì ń lọ bá a, “I'm coming” tọ̀nà pérépéré. Bó bá ń dúró dè yín níbi ìpàdé, tí ẹ wà nínú ọkọ̀ tí ẹ ń lọ síbẹ̀, ó tọ̀nà bákan náà. Ìgbà tí ẹsẹ̀ yín bá ń kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbọ́ nìkan ló ṣìnà. Nígbà náà, “I'll be right back” ni kí ẹ sọ. Bí ó bá sì máa pẹ́ díẹ̀, ẹ dá iye ìṣẹ́jú: “I'll be back in five minutes”. Ohun tí àbúrò mi ń sọ fún bàbá náà báyìí nìyẹn, kò sì tẹ agogo mọ́ àfi tí ìṣẹ́jú bá pé. Bàbá ń wo aago lóòótọ́.

Àṣìṣe kejì yàtọ̀ díẹ̀, nítorí àwọn tó ń tún Gẹ̀ẹ́sì ẹlòmíràn ṣe ló sábà máa ń ṣe é. Mo ti gbọ́ tí wọ́n ń kìlọ̀ pé kí ènìyàn má sọ “Enjoy your weekend”, pé ti Nàìjíríà ni. Rárá o. Gbólóhùn náà pé, ó gún, Òyìnbó fúnra wọn ń sọ ọ́ fún ara wọn lọ́jọ́ Ẹtì bí wọ́n bá ń kúrò níbi iṣẹ́. Èyí tó jẹ́ tiwa gan-an ni “Happy weekend”. Ẹ mọ ibi tó ti wá? “Ẹ kú” ni. Kò sí ohun tí a kò lè fi sẹ́yìn “ẹ kú”: ẹ kú òpin ọ̀sẹ̀, ẹ kú oṣù tuntun, ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. A wá mú “Happy”, a fi rọ́pò “ẹ kú”, a sì ń fi “Happy new month” ránṣẹ́ lórí wọ́ọ̀sáàpù ní gbogbo ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù. Lọ́dọ̀ wọn, ọjọ́ ìbí, Kérésìmesì, ọdún tuntun àti irú àwọn ọjọ́ ayẹyẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi í sí. (Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi “Happy Friday” bẹ̀rẹ̀ ìmeèlì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá yín jà.) Bí ẹ bá fẹ́ èyí tí kò ní í ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, “Have a good weekend” ni.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ “enjoy” ti ń já wa kulẹ̀ ni ìgbà tí a bá dá a fi sílẹ̀ lásán. A ti òde ìgbéyàwó dé, a ní “We enjoyed!” Òyìnbó á ṣì máa dúró kí ẹ parí ọ̀rọ̀. “Gbádùn” tiwa ti gbé adùn sínú ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí “a gbádùn gan-an” fi tó. Tiwọn ń wá ohun tí ẹ gbádùn. Bí kò bá sí, ẹ fi ara yín sí i: “We enjoyed ourselves”.

Èyí tó léwu jù fún ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ni “Well done”. A bá ọ̀gá nídìí tábìlì, a kò lè kọjá láìkí i pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wọn, ìyìn ni gbólóhùn yẹn: tíṣà ló ń sọ ọ́ fún ọmọ tó gba máàkì dáadáa, tàbí ọ̀gá fún ẹni tó parí iṣẹ́ kan. Bí ọmọ iṣẹ́ bá sọ ọ́ fún ọ̀gá tó kàn ń tẹ kọ̀ǹpútà jẹ́jẹ́, ó dà bí ẹni pé ó ń fún ọ̀gá ní máàkì. Kò sì sí gbólóhùn kan tí ẹ lè fi rọ́pò rẹ̀, nítorí wọn kì í kí ènìyàn sí iṣẹ́. “Good morning” tó. Bó bá ká yín lára pé ìkíni náà kéré, ẹ fi ẹ̀rín sí i.

“Sorry” náà ń bẹ. Ẹnìkan fẹsẹ̀ kọ, ẹ ní “sorry”, òun á dáhùn pé kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni wọ́n ń fi bá kẹ́dùn láìsí àríyànjiyàn, fún ẹni tó kọsẹ̀, “Are you all right?” ni pẹ̀lẹ́ tiwọn.

Mi ò ní kí ẹ gbé Gẹ̀ẹ́sì tiwa jù nù o. Ní Ìbàdàn, bí ẹnìkan bá sọ fún mi pé “I'll be right back” lórí ọ̀rọ̀ lílọ ra àkàrà, màá bi í léèrè ìgbà tó dé láti òkè òkun. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 2020, ìwé atúmọ̀ èdè ti Ọ́sífọ́ọ̀dù fi àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà wọlé. “Next tomorrow”, ìyẹn ọ̀túnla tiwa, wà lára wọn. Síbẹ̀, ẹni tó ń gba àyè láti rí dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sọ “next tomorrow” fún ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀, lè rí i pé ọ̀la ni wọ́n kọ orúkọ òun sí. Kí ó dárúkọ ọjọ́ náà gan-an: bí òní bá jẹ́ ọjọ́ Ajé, kó ní “Wednesday”.