Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá èèyàn rajà ní Balógun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá àwọn tí ò ráyè rajà ní Balógun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sanwó kí oníbàárà tó rí ọjà yẹn lórí fóònù. Púpọ̀ nínú àwọn ìsọ̀ yẹn, tówó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín wọn ò ní dá a padà, wọ́n á kàn ní kẹ́ ẹ mú nǹkan míì ni. Ká ní ẹnì kan ní Ìkẹjà ní kẹ́ ẹ bá òun ra léèsì yáàdì márùn-ún, owó ọjà 40,000, owó iṣẹ́ yín 5,000, owó ọkọ̀ lọ́tọ̀. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ níta níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà torí iná ìsọ̀ máa ń pa àwọ̀ dà, búlúù á wá dà bíi dúdú, ẹ kọ iye tí wọ́n máa gbà gangan sábẹ́ ẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, kẹ́ ẹ dúró títí á fi kọ "ẹ rà á". Tí wọ́n bá ta kú sí 43,000, kó fi 3,000 yẹn ránṣẹ́ ná, ẹ má fowó iṣẹ́ yín dí i o! Álàátì tí oníbàárà ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín kì í ṣowó, inú áàpù báńkì yín ni kẹ́ ẹ wò. Kí wọ́n wọn yáàdì ẹ̀ lójú yín, kẹ́ ẹ gba rìsíìtì.