Bí mo ṣe gba ìṣirò owó tí ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì fẹ́ dá padà fún mi

Iye kan ṣoṣo ló wà nínú ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi ní ẹ̀ka wọn nílùú Ìlọrin: ₦530,750. Wọn kò kọ bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Ìlà tí màá fọwọ́ sí ti wà nísàlẹ̀ ìwé náà, àwọn ọ̀rọ̀ òkè ibẹ̀ sì sọ pé mo gbà pé gbèsè ti tán láàárín èmi àti wọn.

Pọ́lísì éńdáómẹ́ǹtì ọlọ́dún 15 ni mo ní lọ́dọ̀ wọn. Oṣù Karùn-ún 2016 ni mo bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ọ̀fà. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń yọ ₦9,600 lára owó oṣù mi, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí wọn. Nínú rẹ̀, ₦8,900 ni ti éńdáómẹ́ǹtì gan-an, ₦700 tó kù jẹ́ ti ààbò ìjàǹbá tí wọ́n so mọ́ ọn. Àdéhùn wa ni pé bí ọdún 15 bá pé ní oṣù Karùn-ún 2031, wọn á fún mi ní ₦1,500,000 pẹ̀lú bónọ́ọ̀sì tó bá ti wọlé. Bí mo bá kú kó tó pé, àwọn ará ilé mi ni yóò gbà á.

Ohun tó mú mi fẹ́ jọ̀wọ́ ẹ̀, kí n gba owó mi kó tó pé, kò le. Nígbà tí a tọwọ́ bọ̀wé, dọ́là kan kò tíì tó ₦200 ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ. Ní 2025, ó ti wà ní nǹkan bíi ₦1,600. Mílíọ̀nù kan àbọ̀ kò yẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà ti sá lọ. Mo san ti oṣù Kẹrin 2025, mo ní ó tó. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko nìyẹn, oṣù 108.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí tábìlì mọ̀wàáhù púpọ̀. Mo bi í bí wọ́n ṣe rí ₦530,750. Ó ní, “Kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò ẹ̀, sà.” Mo ní, “Àbúrò mi, kí kọ̀ǹpútà náà tẹ ìṣirò ẹ̀ jáde fún wa.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orílé-iṣẹ́ l’Ékòó ló ń ṣe é, pé kí n kọ̀wé. Ìmọ̀ràn gidi ló fún mi. Ohun tí wọ́n bá fẹnu sọ ní káńtà, kò sí ẹni tí yóò dáhùn fún un lọ́la.

Kí n tó kọ ọ́, mo wá ìwé pọ́lísì mi jáde, mo sì ka apá tó sọ̀rọ̀ nípa kí èèyàn jọ̀wọ́ kó tó pé. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ṣírò owó náà, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ san. Ọ̀nà kìíní ni iye tí wọ́n ṣèlérí pé kò ní lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdajì gbogbo owó tí mo ti san, lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ti ọdún àkọ́kọ́ àti ti ààbò ìjàǹbá kúrò. Ọ̀nà kejì gùn díẹ̀. Wọn á pín iye oṣù tí mo san sí iye oṣù tó yẹ kí n san, wọn á fi sọ owó àdéhùn di púpọ̀, wọn á fi bónọ́ọ̀sì lé e. Péédì-ọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pe èyí. Wọn á wá fi ìdá kan dín in kù, nítorí pé owó ọdún 2031 ni, èmi sì fẹ́ gbà á lónìí. Pọ́lísì náà sọ pé ìdá yìí wà, ṣùgbọ́n kò sọ iye tó jẹ́. Inú táblì àwọn àkítúárì wọn, ìyẹn àwọn onímọ̀ ìṣirò ìbánigbófò, ló wà, ó sì ń yí padà bí ọdún tó kù ṣe ń dín kù.

Ìdí tí iye kan ṣoṣo kò fi tó nìyẹn. Bí mo bá tilẹ̀ mọ ìlànà, nǹkan mẹ́ta ló fara pamọ́ sínú ₦530,750: oṣù mélòó ni wọ́n kà fún mi, bónọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n fi kún un, àti ìdá wo ni wọ́n lò. Ọ̀kan lè ṣì nínú wọn, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì dà bí òótọ́ lójú.

Nítorí náà ni lẹ́tà mi ṣe ṣe ṣókí. Mo kọ nọ́ńbà pọ́lísì sókè. Mo ní n kò tíì jọ̀wọ́ pọ́lísì o, mo kàn ń béèrè iye rẹ̀ ni. Gbólóhùn yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé wọ́n lè ka lẹ́tà èèyàn sí àṣẹ láti pa pọ́lísì rẹ́. Mo wá béèrè ọjọ́ tí wọ́n fi ṣe ìṣirò, àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù tó wọlé fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, bónọ́ọ̀sì ọdún kọ̀ọ̀kan, péédì-ọ́ọ̀pù, ìdá tí wọ́n lò, iye ti ọ̀nà kìíní kí n lè fi wé e, àti owó yòówù tí wọ́n bá yọ, pẹ̀lú ìlà inú pọ́lísì tó fún wọn láyè láti yọ ọ́. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí orílé-iṣẹ́, mo sì gbé ẹ̀dà kan lọ sí ẹ̀ka Ìlọrin kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tèmi. Ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ yìí ni èèyàn máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò, bí wọ́n bá dákẹ́. Tèmi kò dé ibẹ̀.

Èsì tó wá jẹ́ ojú ìwé méjì. Bónọ́ọ̀sì ni mo kọ́kọ́ wò nítorí pé òun ló yá: ọdún márùn-ún ní 2% owó àdéhùn, ọdún kan ní 1%, àwọn ọdún yòókù wọn kò kéde nǹkan kan. ₦165,000 ni gbogbo rẹ̀, ó sì bá àwọn lẹ́tà tí mo ti kó jọ mu. Ìdá tí wọ́n lò fún ọdún mẹ́fà tó kù jẹ́ 0.55.

Ibi oṣù ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n kọ 96 dípò 108. 96 ÷ 180 × ₦1,500,000 jẹ́ ₦800,000, fi bónọ́ọ̀sì lé e, ó di ₦965,000, fi 0.55 sọ ọ́ di púpọ̀, ₦530,750 jáde gẹ́lẹ́. Ìṣirò kò ṣì. Oṣù méjìlá ni kò sí níbẹ̀.

Àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù ló fi ibi tó lọ hàn. Láti oṣù Kẹsàn-án 2018 dé oṣù Kẹjọ 2019, òfìfo ni, sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko. Bí owó bá ń fò lọ́kọ̀ọ̀kan, oṣù kan níbí, oṣù kan lọ́hùn-ún, ó lè jẹ́ pé wọn kò yọ ọ́ lára owó oṣù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òfìfo kan tó gùn tó bẹ́ẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ tó sì parí pẹ̀lú sáà, ọwọ́ ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ ni kí èèyàn kọ́kọ́ wò. Sọ́wédowó kan ṣoṣo ni ilé-ẹ̀kọ́ máa ń kọ fún gbogbo òṣìṣẹ́, tí wọ́n á so orúkọ àti nọ́ńbà pọ́lísì kálukú mọ́ ọn. Bí ìwé orúkọ yẹn kò bá tẹ̀lé e, tàbí tí nọ́ńbà inú rẹ̀ kò bá pé, ilé-iṣẹ́ ínṣọ́ránsì á gba owó náà, àmọ́ á fi í sínú àkáǹtì ìdúró, níbi tí owó tí wọn kò mọ olówó ẹ̀ máa ń gbé. Owó dé, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ mi.

Mo lọ sí Ọ̀fà lọ bá akápò ilé-ẹ̀kọ́, màmá kan tó ń tọ́jú ìwé ju bí mo ṣe rò lọ. Ó wá ẹ̀dà àwọn sọ́wédowó sáà yẹn àti ìwé tí báǹkì fi hàn pé wọ́n ti san án. Èmi náà ṣì ní ìwé owó oṣù mi tó fi ₦9,600 hàn lóṣooṣù. Ìwé owó oṣù nìkan kì í tó o. Ó kàn ń sọ pé wọ́n yọ owó lọ́wọ́ mi ni, kò sọ pé ó dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dà sọ́wédowó ló dí àlàfo yẹn.

Èmi ò bá wọn jà. Mo so gbogbo rẹ̀ mọ́ lẹ́tà kejì, mo ní kí wọ́n wo àkáǹtì ìdúró wọn fún iye àti ọjọ́ àwọn sọ́wédowó wọ̀nyẹn. Nígbà tí èsì padà, oṣù 108 ti pé. Péédì-ọ́ọ̀pù di ₦900,000, pẹ̀lú bónọ́ọ̀sì ó di ₦1,065,000, iye tí wọn á san sì di ₦585,750. ₦55,000 ló fi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀nà kìíní, ti ìdajì, kò ju ₦427,200 lọ (96 × ₦8,900, pín in sí méjì), nítorí náà ọ̀nà kejì ló borí.

Ẹ má rò pé inú mi dùn tán. ₦1,036,800 ni mo ti san látẹ̀yìn wá. Ẹni tó bá dá àjọ, tí alájọ sì jẹ́ ọmọlúàbí, á kó owó rẹ̀ yọ owó ọjọ́ kan. Èyí kì í ṣe àjọ. Nínú ohun tí mo san ni wọ́n ti ra ààbò ikú àti ìjàǹbá fún ọdún mẹ́sàn-án, níbẹ̀ náà ni owó aṣojú tó tà á àti owó iṣẹ́ wọn ti jáde. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣì dùn mí.

Ìṣirò tí mo gbà ló jẹ́ kí n lè dá ìbéèrè kejì rò: ṣé kí n gba ₦585,750 báyìí, àbí kí n fi í sílẹ̀ ní péédì-ọ́ọ̀pù, kí n má san nǹkan kan mọ́, kí n sì gba ₦1,065,000 ní 2031? Kí ₦585,750 tó lè di ₦1,065,000 láàárín ọdún mẹ́fà, ó ní láti máa lé ní nǹkan bíi 10.5% lọ́dọọdún. Ní oṣù Kejìlá 2024, ọ̀wọ́n gógó tí ìjọba fúnra rẹ̀ kéde jẹ́ 34.8%. Ká tilẹ̀ ní yóò rọlẹ̀, n kò rí ìdí tí màá fi fi owó dúró sí 10.5%. Bí ó bá jẹ́ pé ọdún kan péré ló kù, tàbí tí mo ní àìsàn tí ilé-iṣẹ́ mìíràn kò fi ní gbà mí, màá fi í sílẹ̀.

Mo gbà á. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù tuntun tí ₦585,750 wà lórí rẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i lẹ́yìn tí mo ti fi wé ìṣirò náà. Wọ́n gba ìwé pọ́lísì gangan, ìwé ìdánimọ̀ mi àti nọ́ńbà àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú pọ́lísì. Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí n tó kó o sílẹ̀. Owó náà wọlé ní pípé, wọn kò yọ kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo pe àwọn mẹ́ta tí a jọ ṣiṣẹ́ ní sáà yẹn pé kí àwọn náà béèrè àkọsílẹ̀ owó oṣooṣù tiwọn, nítorí pé sọ́wédowó kan náà ni gbogbo wa wà lórí rẹ̀.