Bí A Ṣe Ń Gbé Pláànù Ilé Dìde Lórí Kọ̀ǹpútà: Ẹ Ṣọ́ Àtẹ̀gùn

Pláànù máa ń sọ gígùn àti ìbú yàrá fún wa, àmọ́ kì í fi bí ilé ṣe ga tó hàn. Ibi àtẹ̀gùn ni èyí ti ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Tí ẹ bá fẹ́ kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ kọ́kọ́ gbé e dìde nínú SketchUp, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán ilé, kí bíríkìlà tó da kọnkéré. Èyí tí kò gba owó wà, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ dúró sókè pláànù gan-an ya fọ́tò rẹ̀, kó má baà wọ́, kí ẹ fi `Import` kó o wọlé. Ẹ fi `Tape Measure` wọn ògiri tó gùn jù tí iye rẹ̀ wà nínú pláànù, ẹ tẹ iye náà, bíi `9000mm`, kí ẹ sì gbà kó tún ìwọ̀n gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ wá wọn ògiri mìíràn wò. Bí iye rẹ̀ kò bá bá ti pláànù mu, fọ́tò yẹn ló wọ́. Ẹ tún un yà.

Ẹ fi `Line` fa ìlà sí ojú ògiri méjèèjì. Búlọ́ọ̀kù oní-íńṣì 9 nípọn tó mìlímítà 225. Ẹ fi `Push/Pull` fà á sókè dé `3000mm`, kí ẹ sọ ọ́ di `Group`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á lẹ̀ mọ́ dẹ́kìn tí ẹ bá gbé lé e.

Ó wá ku àtẹ̀gùn. Ògiri 3000 àti dẹ́kìn 150 jẹ́ 3150 láti ilẹ̀ dé ilẹ̀ òkè. Tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ga ní 175, ìgbésẹ̀ 18 ni yóò jẹ́. Ká ní àtẹ̀gùn náà yí padà láàárín, 9 lọ, 9 bọ̀. Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án ló gúnlẹ̀ sí ibi tí a ti ń yí padà, nítorí náà ojú ìtẹ̀ 8 ló wà ní ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Bí ojú ìtẹ̀ bá fẹ̀ ní 250, ọ̀nà náà gba 2000. Ibi ìyípadà gba 1000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3000.

Tí pláànù bá wá fi 2600 péré sílẹ̀ ńkọ́? Ojú ìtẹ̀ á sún kì sí 200, iwájú ẹsẹ̀ àgbàlagbà á máa wà lófuurufú bó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Lórí ìwé, ìlà lásán ni ẹ máa rí. Ẹ padà sọ́dọ̀ ayàwòrán ilé kó fún àtẹ̀gùn láyè sí i. Ẹ má gbà kó sọ ìgbésẹ̀ di gíga láti fi dín iye wọn kù. Ẹ sì gé dẹ́kìn tó wà lókè àtẹ̀gùn kúrò títí tí àyè orí yóò fi tó 2000 níbi gbogbo.

Òrùlé onígun méjì kò le. Ẹ ya onígun mẹ́rin sórí ògiri òkè, kó yọ síta ní 600 yí ká, ẹ fa ìlà gba àárín rẹ̀ ní gígùn, kí ẹ fi `Move` gbé ìlà yẹn lọ sókè. Fún ilé tó fẹ̀ ní 9000, gíga 2400 á fún òrùlé ní ìdagun bíi dígírì 25. Ẹ sọ òun náà di `Group`, kí ẹ lè fi `Hide` gbé e kúrò lójú nígbà tí ẹ bá fẹ́ wo inú yàrá.