Bẹ́ ẹ ṣe máa gé sílaìdì ìṣẹ́jú 40 di ti ìṣẹ́jú 10

Ẹ̀yin ará, tí wọ́n bá gé àsìkò yín kù, ẹ má wulẹ̀ máa sáré sọ̀rọ̀ o, sílaìdì ni kẹ́ ẹ gé. 34 ni tèmi, lórí omi kànga àdúgbò 4. Mo kọ́kọ́ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo tí mo fẹ́ káwọn èèyàn gbé lọ sílé: kànga tó sún mọ́ ṣáláńgá ló dọ̀tí jù. Mo wá ṣí Slide Sorter nínú PowerPoint, níbi tí gbogbo sílaìdì ti ń hàn pa pọ̀, èyí tí gbólóhùn yẹn ò lè dúró láìsí ẹ̀ nìkan ni mo fi sílẹ̀, ó ku 7. Gíráàfù 4 tó wà lórí sílaìdì 4 ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, mi ò há gbogbo ẹ̀ sórí ẹyọ kan o, torí ẹni tó jókòó lẹ́yìn ò ní rí nǹkan kan kà, gíráàfù tuntun kan ni mo yà, ọ̀pá kan fún àdúgbò kan. Bá a ṣe bu omi náà di gbólóhùn 2 lẹ́nu. Ìyókù, mi ò pa á rẹ́, mo kó o sẹ́yìn pátápátá, mo tẹ Hide Slide, tẹ́nì kan bá béèrè màá ṣí i. Ẹ sọ ọ́ sókè nílé pẹ̀lú aago fóònù, tó bá ti ju ìṣẹ́jú 8 àtààbọ̀ lọ, ẹ tún yọ ọ̀kan.