Ìwé wo lẹ fẹ́ gbé lọ fún ẹni tó ń pẹ́ ní ọsibítù?

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ní èèyàn lórí bẹ́ẹ̀dì, ìbáà ṣe n'Ífẹ̀ níbí tàbí ní Wẹ́sílì Iléṣà, kó má gbé ìwé ìtàn gígùn lọ fún un. Oògùn ìrora àti àìsùn kì í jẹ́ kéèyàn rántí ojú ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà.

Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá ṣe ni mo fara mọ́ jù. Àlọ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró, nítorí náà bó bá gbàgbé tàná, kò ba tòní jẹ́. Ta ni kò sì mọ ìwà Ìjàpá tẹ́lẹ̀? (Fágúnwà dùn o, àmọ́ gbólóhùn rẹ̀ gùn jù fún ẹni tó ń tòògbé.)

Tí ẹ bá rí i pé ìlà kan náà ló ń padà sí, ẹ gba ìwé náà, kí ẹ máa kà á fún un. Ẹ jẹ́ kó gbe orin àlọ́, ní ohùn jẹ́jẹ́, torí àwọn tó kù ní wọ́ọ̀dù. Àlọ́ kan ti tó lẹ́ẹ̀kan.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún níkùn ńkọ́? Ẹ̀rín máa ń fa ojú rírán. Kó fi ìrọ̀rí tẹ ibẹ̀ díẹ̀ kó tó rẹ́rìn-ín.