Bí A Ṣe Ń Ṣírò Owó Oko Àgbàdo Éékà Kan Ní Òṣogbo, Títí Dé Iye Tí A Máa Ta Àpò Kan

Ẹni tó bá ti bá àwọn tó ń dáko jókòó ní agbègbè wa yìí, láti Ìlobùú dé Ìkìrun, á ti gbọ́ ọ rí: "Àpò mẹ́tàlá ni mo rí lórí éékà kan, síbẹ̀ mi ò mọ ibi tówó gbà lọ." Owó kò ríbi lọ. Iye àpò tí wọ́n fi pín ìnáwó ló pọ̀ ju iye àpò tí wọ́n gbé dé ọjà. Nítorí náà, màá yára kọjá lórí irúgbìn àti ajílẹ̀, màá sì jókòó dáadáa sórí ọ̀rọ̀ àpò.

Àgbàdo ìkejì ni mo fi ń ṣírò, èyí tí a máa ń gbìn láti àárín oṣù Kẹjọ, lásìkò ọdún Ọ̀ṣun, títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, tí yóò sì gbẹ lórí ìdúró nígbà tí òjò bá ti ká. Àgbàdo tí a gbìn ní oṣù Kẹta tàbí Ìkẹrin máa ń gbó sínú òjò. Ó ṣòroó sá gbẹ, tútù ló sì dára jù kéèyàn tà á.

Ẹ wọn ilẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀

Éékà kan fẹ̀ tó mítà 64 ní ìbú, 64 ní òró. Ẹ wá okùn tó gùn ní mítà 8, ẹ nà án lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ọ̀nà kan, lẹ́ẹ̀mẹjọ sí ìkejì. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní éékà kò tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye éékà lẹ máa san fún onílẹ̀, fún oníkatakata àti fún alágbàṣe. Èmi kì í fẹnu kò pẹ̀lú ẹnikẹ́ni kí okùn tó délẹ̀.

Ìnáwó tó ṣáájú ìkórè

Ojú ewé méjì nínú ìwé àwọn ọmọ iléèwé ti tó. Ojú ewé òsì wà fún gbogbo owó tí yóò jáde kí ọmọ àgbàdo kan tó kúrò lára igi. Ojú ewé ọ̀tún wà fún owó tó ń pọ̀ bí àpò bá ṣe ń pọ̀. Ẹ má da méjèèjì pọ̀. Ẹ óò rí ìdí rẹ̀ nígbà tó bá yá.

Àwọn iye tí mo lò yìí wà fún ìṣirò nìkan. Ẹ fi ti ọjà yín rọ́pò wọn.

- Owó ilẹ̀: ₦20,000
- Katakata, ẹ̀ẹ̀mejì: ₦45,000
- Irúgbìn, kílò 8: ₦16,000
- Gbíngbìn: ₦15,000
- Ajílẹ̀, NPK àpò 2 àti yúríà àpò 1: ₦130,000
- Dída ajílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì: ₦14,000
- Òògùn koríko, fífín rẹ̀, àti ríro ẹ̀ẹ̀kan: ₦35,000
- Òògùn kòkòrò àti fífín rẹ̀: ₦12,000
- Ọkọ̀ tó kó ajílẹ̀ dóko, oúnjẹ alágbàṣe, nǹkan wẹ́wẹ́: ₦13,000

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦300,000.

Nípa irúgbìn, ẹ ra èyí tó ní lébẹ́ẹ̀lì lára. Àgbàdo ọjà tí wọ́n tà fún ògì lè hù, ó sì lè má hù. Irúgbìn alábọ́dé tí a lè ṣà nínú rẹ̀ gbìn lọ́dún tó ń bọ̀ dín owó kù, ṣùgbọ́n haíbíríìdì gbọ́dọ̀ jẹ́ rírà lọ́dọọdún, nítorí ọmọ rẹ̀ kì í jọ ọ́. Sẹ̀ǹtímítà 75 láàárín poro sí poro, 25 láàárín igi sí igi, hóró kan sí ihò kan: ìyẹn máa fún yín ní nǹkan bí igi 21,600 lórí éékà.

Ajílẹ̀ ló ń gba owó jù, òun náà ni wọ́n sì ń fi ṣòfò jù. Àpò NPK 15-15-15 méjì, tó jẹ́ kílò 100, tí a bá pín in fún igi 21,600, igi kọ̀ọ̀kan á gba gíráàmù márùn-ún ó dín díẹ̀. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni mo máa ń fún àwọn alágbàṣe. Ẹ wọn ogún ìdérí NPK lórí òṣùwọ̀n kékeré: tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 100, ó pé. Tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní kí wọ́n má kún un. Ẹni tó fi ọwọ́ bù ú á tán àpò méjèèjì sí ìdajì oko. Yúríà á wọlé ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sí ìkẹfà, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi erùpẹ̀ bò ó, torí atẹ́gùn ló ń gbà lọ bí ẹ bá dà á sórí ilẹ̀ lásán. Ẹni tó bá sún mọ́ àwọn tó ń sin adìyẹ lè fi ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dín NPK kù, ṣùgbọ́n kó kọ owó ọkọ̀ àti owó ẹni tó dà á sílẹ̀, nítorí ẹrù rẹ̀ pọ̀.

Kòkòrò tó ń jẹ ọkàn ewé àgbàdo, èyí tó wọ Nàìjíríà ní 2016, ẹ máa wò ó láti ìgbà tí àgbàdo bá ti dé orúnkún. Ẹ ya ewé àárín: bí ìgbẹ́ kòkòrò bá kún inú rẹ̀ bí ìyẹ̀fun igi, ẹ fín in lọ́jọ́ náà, nírọ̀lẹ́. Tó bá ti jẹ wọnú ọmọ àgbàdo tán, owó òògùn di òfò.

Àrò àti ọ̀wẹ̀ náà lówó lórí. Ẹni tó bá yín ṣe àrò lónìí ń retí yín lóko tirẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ kọ owó alágbàṣe ọjọ́ kan sí i, bákan náà fún iṣẹ́ ọwọ́ ara yín àti ti àwọn ọmọ. Bẹ́ ẹ bá yá owó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, èlé rẹ̀ wà lójú ewé òsì.

Iye àpò: ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣìṣe

Ẹ má fi ojú wo oko kẹ́ ẹ sọ pé "yóò tó àpò ogún." Nígbà tí háhá bá ti gbẹ, tí ìdí hóró sì ti ní àmì dúdú tó ń fi hàn pé ó ti gbó, ẹ wọn ojúkò kan tó fẹ̀ ní mítà 5 sí 5. Ẹ ṣẹ́ gbogbo ọmọ àgbàdo ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ yin ín kúrò lára ṣùkù, ẹ sì wọn hóró náà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ níbi mẹ́ta, kí ọ̀kan wà níbi tí àgbàdo ti burú jù. Kò sóhun tó ń tan èèyàn jẹ bí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí ajílẹ̀ máa ń pọ̀ sí. Ẹ ṣe ìpíndọ́gba àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Éékà kan gba ojúkò 162 irú èyí. Ká ní ìpíndọ́gba yín jẹ́ kílò 8. 8 lọ́nà 162 jẹ́ kílò 1,296, tó ń lọ sí àpò oníkílò 100 mẹ́tàlá. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa ìwé dé, ibí náà sì ni àdánù ti ń bẹ̀rẹ̀.

Hóró tẹ́ ẹ wọn yẹn ṣì ní omi nínú. Bí omi inú rẹ̀ bá jẹ́ 25 nínú 100, kílò 75 péré ni àgbàdo gan-an nínú kílò 100. Èyí tó gbẹ débi tí a lè fi pamọ́ kò gbọdọ̀ ní omi ju bíi 13 lọ, ìyẹn ni pé kílò 87 nínú rẹ̀ jẹ́ àgbàdo. Nítorí náà, ẹ fi 75 sọ 1,296 di púpọ̀, kẹ́ ẹ sì fi 87 pín in. Yóò fún yín ní bíi kílò 1,117. Àpò mọ́kànlá nìyẹn, pẹ̀lú díẹ̀ tí eku àti ìdàsílẹ̀ á jẹ. Àpò méjì ti bá oòrùn lọ láìsí olè.

Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn omi, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ díẹ̀ pẹ̀lú hóró sínú ìgò tó gbẹ, kẹ́ ẹ sì mì í dáadáa. Tí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi rẹ̀ ṣì ju 15 lọ. Ẹ tún sá a. Orí tápólì ni kẹ́ ẹ ti sá a. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ máa ń fún un ní èbu àti òkúta, àwọn tó ń ra oúnjẹ adìyẹ sì máa ń dá irú rẹ̀ padà.

Ohun tẹ́ ẹ máa jẹ nílé àti èyí tẹ́ ẹ fún àwọn ẹbí náà wà nínú àpò mọ́kànlá yìí. Ẹ kà á bí ẹni tà á, ní iye ọjà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye àpò.

Iye tí owó ń padà sílé

Ṣíṣẹ́ àti kíkó dé ẹ̀bá ọ̀nà jẹ́ ₦30,000, a ó sì kà á mọ́ ti éékà: gbogbo rẹ̀ di ₦330,000. Lójú ewé ọ̀tún, àpò kọ̀ọ̀kan ní owó ẹ̀rọ tó ń yin àgbàdo ₦1,500, àpò òfìfo ₦500, ọkọ̀ dé Ọjà Ọba tàbí Ìgbóná ₦1,500, alábàárù àti owó ọjà ₦500. Ó jẹ́ ₦4,000.

Ẹ fi 11 pín ₦330,000, yóò jẹ́ ₦30,000. Ẹ fi ₦4,000 kún un: ₦34,000. Iye yìí ni owó yín fi padà láìjèrè, láìpàdánù.

Ẹni tó fi 13 pín in á rí nǹkan bí ₦29,400. Tó bá ta àpò kan ní ₦30,000, inú rẹ̀ á dùn pé òun jèrè díẹ̀. Ṣùgbọ́n àpò mọ́kànlá ló ní lọ́wọ́: ₦330,000 ló wọlé, ₦374,000 ló jáde. Ó ti sọ ₦44,000 nù, kò sì mọ̀.

Bó bá jẹ́ àpò mẹ́jọ péré loko mú wá, iye náà á di ₦45,250. Bó bá jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á wá sí ₦26,000. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹ̀yìn ìwé kẹ́ ẹ tó ra irúgbìn. Bí iye àárín bá ti ju ohun tí àgbàdo gbígbẹ ń lọ lọ́jà ní oṣù Kejìlá, ẹ tún ojú ewé òsì wò kí katakata tó wọlé.

Ẹ ṣọ́ra fún àpò oníbàárà. Kílò 100 ni a fi ṣírò. Àwọn kan á mú àpò tiwọn wá, wọ́n á jan án mọ́lẹ̀, wọ́n á rọ́ ọ, wọ́n á tún fi orí sí i títí tó fi di 110. Mọ́kànlá yín di mẹ́wàá nìyẹn, iye tí owó ń padà sílé sì ti gòkè sí ₦37,000 lórí àpò kan. Òṣùwọ̀n ni mo máa ń gbé dání, bí mo bá tiẹ̀ máa yá a.

Bí wọ́n bá fẹ́ ra oko lórí ìdúró

Ìyá kan lè wá sóko kó ní òun fẹ́ ra gbogbo rẹ̀ ní tútù, òun á ṣẹ́ ẹ fúnra òun. Ẹ má fi ₦34,000 dá a lóhùn, nítorí òun ló máa ná owó ìkórè àti ti ọkọ̀. Ká ní àgbàdo gbígbẹ ń lọ ní ₦38,000. Àpò mọ́kànlá jẹ́ ₦418,000. Ẹ yọ ₦30,000 ìkórè àti ₦44,000 àpò kúrò, ó ku ₦344,000. Bí ìyá náà bá lè san jù bẹ́ẹ̀ lọ lówó lọ́wọ́, ẹ gbà. Bí kò bá tó, ẹ jẹ́ kó gbẹ, àyàfi bí màlúù bá ti ń rìn sún mọ́ oko.