Ìkòkò amọ̀ fún ìnsúlíìnì nígbà tí iná bá lọ

Ẹ̀yin ará Kétu tí kò ní fíríìjì, ẹ gbé ìkòkò amọ̀ kékeré sínú ńlá, ẹ fi iyanrìn dí àárín wọn, kí ẹ máa rin iyanrìn náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ẹ sì fi aṣọ tútù bò ó níbòji tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ so ìgò ìnsúlíìnì sínú ọ̀rá kí omi má baà kàn án, kí ẹ sì gbé e sínú ìkòkò kékeré náà. Nígbà ọyẹ́, ìkòkò náà máa ń tutù dáadáa. Nígbà òjò, omi kì í tètè gbẹ, agbára ìkòkò náà láti mú nǹkan tutù a sì dínkù. Ọ̀pọ̀ ìnsúlíìnì kì í kọjá ọjọ́ 28 lẹ́yìn tó bá kúrò nínú fíríìjì: èyí tí ẹ gbà ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta, ẹ jù ú nù lẹ́yìn ọjọ́ 28 oṣù náà. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ní tirẹ̀ ń fẹ́ ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ̀sì, ìkòkò kò lè dé bẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kó wà.